Bí mo ṣe to kàlẹ́ńdà owó ilé wa

Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn, bàbá àwọn ọmọ mi sì ń wa takisí. Kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù nínú àwa méjèèjì. Oúnjẹ àti owó iná wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Owó ilé, ₦360,000 lọ́dún, àti owó ilé ìwé ọmọ méjì, ₦90,000 ní táàmù kọ̀ọ̀kan, wà lọ́rùn mi.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń pín gbogbo ẹ̀, ₦630,000, sí oṣù 12. Oṣù kejì ló máa ń tú mi láṣìírí, torí pé lẹ́yìn ọdún, ẹ̀rọ ìránṣọ mi á kàn dákẹ́ síbẹ̀ ni. Ní oṣù kẹta 2024, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ sí, mo wo iye tó wọlé lóṣooṣù. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò mú ju owó àtijẹ wá. Mo wá pín owó náà sí oṣù 9 tó kù. Ó di ₦70,000 lóṣù.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ lowó ń wọlé. Èyí tó kéré jù nínú oṣù 9 náà mú ₦200,000 wá, nítorí náà, nínú ₦10,000 tí mo bá gbà, ₦3,500 á wọ àkáǹtì ọ̀tọ̀ kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Owó àsansílẹ̀ ò sí níbẹ̀ o. Títí oníbàárà á fi gbé aṣọ ẹ̀ lọ, owó tiẹ̀ ni mò ń kà á sí.

Mo lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lábẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, mo fi bíírò pupa kọ owó tó máa jáde, mo fi búlúù kọ iye tó yẹ kó ṣẹ́ kù. Búlúù yìí ló jẹ́ kí n rí oṣù kẹsàn-án. Láti oṣù kẹrin dé ìparí oṣù kẹsàn-án, ₦420,000 ni màá ní. Owó ilé àti owó táàmù tuntun jọ bọ́ sínú oṣù yẹn, ₦450,000. Pínpín mi pé, síbẹ̀ ₦30,000 máa dín.

Oṣù keje ni mo ti lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n san ìdajì nígbà ìwọlé, kí n san ìyókù ní oṣù kẹwàá." Wọ́n ní kò burú, níwọ̀n ìgbà tí mo tètè wá. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án parí, ₦15,000 ṣẹ́ kù. Ní ìparí ọdún, ó ti di ₦180,000: owó táàmù kejì àti ìkẹta gééré.

Ní oṣù kẹrin 2025, mo san ti ìkẹta, àkáǹtì náà gbẹ. Mo tún kàlẹ́ńdà mìíràn tò, mo sì jẹ́ kí iṣẹ́ Iléyá tètè bẹ̀rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni ti 2024, ti 2025 sì bọ́ sí ọjọ́ 6.