Má fi “ṣùgbọ́n” tú u: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ewì ìfẹ́

Kátúlọ́ọ̀sì, akéwì Róòmù tó gbé ayé ní ọ̀rúndún tó ṣáájú ìbí Kírísítì, kọ ewì onílà méjì kan tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lédè Látìn kò ju 14 lọ:

Mo kórìíra, mo sì nífẹ̀ẹ́. Bóyá o fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.
N kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ṣẹlẹ̀, mo sì ń joró.

Ohun tí ọwọ́ wa máa ń yá sí ni ká tú u sí “mo kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.” Ó dùn létí, àmọ́ ó ti ba ewì jẹ́. “Ṣùgbọ́n” ti dá ẹjọ́: ó ní ìfẹ́ ló borí. “Sì” kò dá ẹjọ́ kankan. Ìmọ̀lára méjèèjì jókòó pọ̀ nínú ọkàn kan náà, ní wákàtí kan náà, kò sí èyí tó ṣí àyè fún èkejì. “Nígbà mìíràn” tún burú ju “ṣùgbọ́n” lọ. Bí inú rẹ bá dùn nígbà tó dé, tó sì bàjẹ́ nígbà tó lọ, kò sí àtakò níbẹ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má fipá kó wọn pọ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí a máa ṣàlàyé. A ó kọ ọ́ tán, a ó wá fi kún un pé ó dà mí ni, pé ó tún rẹwà. Wo bí Kátúlọ́ọ̀sì ṣe yẹra fún un. Ẹni tó ń béèrè rò pé ó ń *ṣe* é ni. Akéwì dáhùn pé ó ń *ṣẹlẹ̀* sí òun. Ibi tí ewì náà ti ń dunni gan-an nìyẹn, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí ìbá ti yan ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Látìn tó fi parí, èyí tí mo pè ní “joró,” wá láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àgbélébùú.

Ẹ má sì kó àtakò jọ bí ìdì igi. Nínú eré Ṣekisípíà, kí Rómíò tó rí Júlíẹ́ẹ̀tì rárá, ó ń sunkún nítorí Rósálìn, ọmọbìnrin mìíràn tó nífẹ̀ẹ́ sí, ó sì ń ka ìyẹ́ òjé, èéfín tó ń tàn, iná tútù, ìlera tó ń ṣàìsàn. Láìpẹ́ ló gbàgbé Rósálìn. Bí iná bá tutù nínú ewì rẹ, bi ara rẹ pé kí ló gbóná nínú ara rẹ lọ́jọ́ náà, kí ló tutù. Bí o kò bá rí ìdáhùn, yọ ọ́.

Ètò ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ní ìtumọ̀. Sáfò, obìnrin akéwì Gíríkì láti erékùṣù Lẹ́síbọ́ọ̀sì, so “dídùn” àti “kíkorò” pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìfẹ́, dídùn ló sì fi ṣáájú. Ewúro ló máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn Yorùbá tó bá fẹ́ tú u. Kíkorò ewúro ló ń ṣáájú, adùn rẹ̀ ló ń kẹ́yìn: ìtùnú nìyẹn jẹ́, Sáfò kò sì fi ìtùnú kankan sínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.