Lẹ́tà gbèsè búlọ́ọ̀kù: ẹ yẹ iye owó, ọjọ́ àti ohùn rẹ̀ wò kó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Odógunyàn ni mo ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Kọngílá kan tó ń kọ́lé ní ọ̀nà Ìjẹdè ṣì jẹ mí lówó. Mo ti kọ lẹ́tà, mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sọ pé ₦1,080,000 ló kù, àmọ́ ìparí rẹ̀ tí mo fi ọ̀rọ̀ kọ sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé ọgọ́rin náírà. Èwo ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Ẹ má mú ọ̀kan nínú méjèèjì kí ẹ wá fi pa èkejì rẹ́. Ẹ gbé lẹ́tà náà tì ná, kí ẹ ṣírò owó náà látinú ìwé, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wà lórí ínfọ́ìsì àti wéébìlì tí ẹ fi hàn wá nìyí. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́sàn-án jẹ́ 1,800, ní ₦650 ẹyọ kan: ₦1,170,000. Ti íǹṣì mẹ́fà jẹ́ 700, ní ₦550: ₦385,000. Ọkọ̀ gbé e ní ìrìn márùn-ún, ₦15,000 ìrìn kan: ₦75,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,630,000. Nínú alẹ́ẹ̀tì báńkì, ₦400,000 wọlé ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ₦250,000 sì wọlé ní ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025. Owó tó ti san jẹ́ ₦650,000. Ohun tó kù ni ₦980,000. Èyí tí ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ ló tọ̀nà.

Níbo wá ni ₦1,080,000 ti wá? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ ₦100,000 géérégé. Tí ìyàtọ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́nu, ó sábà máa ń jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a kọ sí òmíràn. Ẹ wo ìpínrọ̀ kejì lẹ́tà yín: “o san ₦150,000 ní oṣù Karùn-ún.” Alẹ́ẹ̀tì sọ pé ₦250,000 ni. Ibẹ̀ gan-an ni. (Tí ìyàtọ̀ bá ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, bí ìgbà tí ènìyàn kọ 1,360,000 dípò 1,630,000, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà méjì ló gbapò ara wọn.)

Ohun tó mú kí àṣìṣe yìí léwu ni pé alẹ́ẹ̀tì owó yẹn wà lórí fóònù kọngílá náà pẹ̀lú. Ẹni tó jẹ gbèsè tí kò fẹ́ san kò ní bá yín jiyàn lórí búlọ́ọ̀kù. ₦100,000 yẹn nìkan ni yóò dì mú, yóò ní ẹ ò mọ ìṣirò owó yín. Nítorí náà ẹ to ìṣirò náà sínú lẹ́tà bí mo ṣe tò ó yìí, ọjà kọ̀ọ̀kan àti owó kọ̀ọ̀kan tó san pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ lè rò ó kó sì bá ₦980,000 níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi ₦100,000 kún un fún èlé àti wàhálà tó kó bá mi. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Tí kò bá sí èlé nínú àdéhùn yín, ẹ yọ ọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké ní májísíréètì, fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ láìka èlé àti owó ẹjọ́. Owó tí iye rẹ̀ ti dájú látinú àdéhùn ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Owó wàhálà kò ní ìwé kankan tó gbè é lẹ́sẹ̀, á sì kó àbùkù bá ₦980,000 tó ní ìwé.

Ìbéèrè: Mo kọ ọ́ pé: “San owó yìí láàárín ọjọ́ 14, ìyẹn ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà.” Ẹnìkan ní gbèdéke náà kò yé òun. Kí ló ṣe é?

Ìdáhùn: Gbèdéke mẹ́ta ló wà nínú gbólóhùn kan yẹn. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, ọdún 2025 ni ẹ kọ sókè lẹ́tà. Ọjọ́ 14 lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30. Ọjọ́ 26 sì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ 27. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ò sọ ibi tí ọjọ́ 14 ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ọjọ́ tí ẹ kọ lẹ́tà ni àbí ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Èyí tó bá pẹ́ jù lọ ni yóò mú.

Ẹ pa kíka ọjọ́ tì, kí ẹ dá ọjọ́ kan: “Kí ₦980,000 ti wọ àkáǹtì yìí kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.” “Ti wọ àkáǹtì” ni kí ẹ kọ, kì í ṣe “san”, torí ẹni tó fi tiráńsífà ránṣẹ́ ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú kan lè ní òun ti san. Ẹ fi kàlẹ́ńdà ọdún yẹn gan-an yẹ orúkọ ọjọ́ wò, kí ẹ sì rí i pé kò bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi. Tí lẹ́tà bá pẹ́ lọ́wọ́ yín kó tó jáde, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á sókè látinú lẹ́tà nígbà tí ẹ bá ń wo tiyín.

Ohun kan tún wà: “3/4/2025” tí ẹ kọ fún ọjọ́ tí ẹ gbé búlọ́ọ̀kù dé lè jẹ́ oṣù Kẹrin tàbí oṣù Kẹta lójú ẹni tó bá kà á. Ẹ kọ orúkọ oṣù.

Ìbéèrè: Ìparí rẹ̀ ni pé: “Tí o ò bá san, màá kó ọlọ́pàá wá bá ọ, gbogbo Ìjẹdè ni yóò mọ̀ pé olè ni ọ́.” Àwọn kan ní ó le jù. Ṣé kí n rọ̀ ọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́ pátápátá. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gba kí wọ́n mú ènìyàn kìkì nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ, ìhàlẹ̀ náà kò sì ní lè ṣẹ. “Olè” tún lè sọ ẹ̀yin tí wọ́n jẹ ní gbèsè di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Adájọ́ sì lè ka lẹ́tà yìí: ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ níwájú rẹ̀.

Èyí ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀: “Bí owó náà kò bá wọlé títí di ìgbà tí mo dá yìí, n óò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù gbèsè kéékèèké láìtún kọ lẹ́tà mìíràn. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ìṣirò mi, ẹ fi ìwé yín hàn mí ṣáájú ọjọ́ náà.” Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ẹ yọ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi” tó wà lókè pẹ̀lú. Owó ọjà yín ni. Àmọ́ “ẹ” ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, dípò “o” tó wà níbẹ̀ báyìí.

Kóòtù yẹn ní fọ́ọ̀mù lẹ́tà ìbéèrè gbèsè tirẹ̀, SCA 1, tó gbọ́dọ̀ ti tẹ ẹni tó jẹ gbèsè lọ́wọ́ kí ẹ tó pe ẹjọ́. Ẹ kúkú da gbogbo ohun tí ẹ ti tún ṣe yìí sórí rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé ìwé náà kò ṣeé lò nílé ẹjọ́, bí àwọn lọ́yà ṣe máa ń kọ sórí lẹ́tà tí wọ́n fi ń dúnàádúrà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí ó fọwọ́ sí èyí tó máa padà sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á. Ẹ̀dà wéébìlì ni kí ẹ so mọ́ ọn. Ojúlówó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín.