Bí mo ṣe ṣa àwọn bọ́ọ̀gì tó dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí mo sì pín in láì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ

Áàpù tí à ń ṣe níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Akọ̀wé ẹgbẹ́ á kọ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ dá sínú fóònù, rìsíìtì á sì jáde lára ẹ̀rọ kékeré. Àwa mẹ́rin la wà nídìí ẹ̀: ẹ̀gbọ́n kan tó mọ sẹ́fà bí ẹni mowó, arábìnrin kan tó ń ṣe apá fóònù, àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, àti èmi. A máa ń gba iṣẹ́ ṣíṣà yìí lọ́wọ́ ara wa ni, ọ̀sẹ̀ yẹn ló kàn mí.

Gbogbo ẹ̀sùn tó wọlé ló ní kánjúkánjú lórí, torí náà mi ò kì í wo ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ka gbogbo ẹ̀ tán kí n tó fọwọ́ kan ìkankan, torí ẹ̀sùn tó dà bíi mẹ́ta lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bó sì ṣe rí nìyẹn. Akọ̀wé kan ní Sábó ní owó ẹgbẹ́ òun lé, òmíì ní àròpọ̀ inú áàpù ò bá ti ìwé òun mu, ẹ̀kẹta ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ń bínú pé òun ò dáwó lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo àkókò tí wọ́n kọ àwọn owó yẹn, ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ẹ̀, ìgbà tí nẹ́tíwọ́kì máa ń wúwo. Mo wá mú fóònù tí a fi ń dán nǹkan wò, mo sọ ọ́ sí 2G, mo kọ ₦5,000, mo tẹ̀ ẹ́, ó ń yí, ó ń yí, ó ní kò lọ, kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀, ó di ₦10,000.

Ohun tó ń fà á ni pé fóònù ò dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ. Sẹ́fà ti gba owó yẹn, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, èsì tó ń dá padà ló sọnù sójú ọ̀nà, torí náà nígbà tí akọ̀wé tún un tẹ̀, owó tuntun ni sẹ́fà rò pé ó jẹ́. Mo so ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sábẹ́ ẹyọ kan, mo wá bi dátábéèsì bó ṣe tàn kálẹ̀ tó:

```
SELECT member_id, amount, DATE(created_at), COUNT(*)
FROM contributions
GROUP BY member_id, amount, DATE(created_at)
HAVING COUNT(*) > 1;
```

Ẹ má fi èsì ibí yìí pa nǹkan rẹ́ o. Èèyàn lè san owó oṣù méjì lọ́jọ́ kan náà, iye kan náà, òótọ́ sì ni. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ló ń ya wọ́n: èyí tí ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ wà láàárín ẹ̀ ló jọ bọ́ọ̀gì, èyí tí wákàtí wà láàárín ẹ̀ lè jẹ́ owó gidi, akọ̀wé nìkan ló sì lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Nǹkan méjì la máa ń kọ sára bọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, `S` fún bó ṣe burú tó, láti `S1` dé `S4`, àti `P` fún bó ṣe yẹ ká tètè dá a lóhùn tó, láti `P1` dé `P3`. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ á kàn máa sáré tẹ̀ lé ẹni tó pariwo jù ni. `S` wà lára bọ́ọ̀gì fúnra ẹ̀: kí ló bà jẹ́, ṣé ó ṣeé tún ṣe? Ariwo ò lè yí i padà. `P` ní tiẹ̀, ìpinnu àwa ni, a lè yí i lọ́la.

Owó tó ń di méjì yìí, `S1` `P1` ni láì jiyàn. Áàpù ò kú, kò sí nǹkan pupa kankan lójú, ṣùgbọ́n ó ń ba àkọsílẹ̀ owó jẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́, bó bá sì ṣe pẹ́ tó ni ṣíṣàtúnṣe ẹ̀ á ṣe le tó.

Ìkejì ni pé áàpù ń kú pátápátá tí èèyàn bá fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ ọdún kan jáde lórí fóònù Android 6. Arábìnrin wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, áàpù kú, ẹ ẹ̀ wá ní kò kánjú?" Mo ní bó ṣe burú ò yí padà, `S2` ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lo irú fóònù yẹn ò pọ̀, kò sí dátà tó sọnù, wọ́n sì lè gbé àkọsílẹ̀ náà jáde lórí kọ̀ǹpútà. Torí náà `P3`.

Ẹ̀kẹta wá jẹ́ òdìkejì ẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ kan ń jáde lórí rìsíìtì pẹ̀lú àmì ìbéèrè níbi tó yẹ kí ọ́ wà. Lẹ́tà tó ní àmì sábẹ́ tó tún ní àmì lórí, nínú Unicode ege méjì ni, ọ (U+1ECD) àti àmì ohùn òkè (U+0301), ẹ̀rọ rìsíìtì wa ò sì ní lẹ́tà yẹn nínú. Owó kankan ò ṣì, `S4` ni. Ṣùgbọ́n Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìpàdé ọdún ẹgbẹ́ yẹn, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló máa gba rìsíìtì níbẹ̀, mo bá kọ `P1` sí i. Bó bá kọjá Sátidé, `P3` ni ì bá jẹ́.

Ìkẹrin kàn ní áàpù ń fa ni. Mi ò fún un ní nǹkan kan ju `needs-info` lọ, mo bi í pé ojú ìwé wo, fóònù wo, ìgbà wo.

Ó wá ku pínpín. Kíka iye bọ́ọ̀gì tó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń tan èèyàn jẹ, torí méjì tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan lè wúwo ju méje ẹlòmíì lọ. Ẹ̀gbọ́n sẹ́fà ní iṣẹ́ ńlá kan lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn ló sì yẹ kí ó gba `S1`, torí a ò kì í fi ibi tí owó ti ń bà jẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Kí n tó gbé e fún wọn, mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ńlá yẹn kúrò lọ́rùn wọn sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì pe oníbàárà tó ń retí ẹ̀ fúnra mi, kí ó má di pé àwọn ló máa ṣàlàyé. Arábìnrin gba apá fóònù: fóònù á fún owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí ó tó fi í ránṣẹ́, bí wọ́n bá tún un tẹ̀, nọ́ńbà kan náà ló máa lọ, sẹ́fà á fi `UNIQUE` dènà ẹlẹ́ẹ̀kejì, á sì dáhùn bí ẹni pé ó ti gbà á.

Rìsíìtì lọ sọ́dọ̀ àbúrò, ẹ̀gbọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kéré, ó ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, ọ̀nà ẹ̀ sì hàn: kí ó ya orúkọ náà bí àwòrán, kí ó fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Bí kò bá tíì dára di Tọ́sìdeè, a máa tẹ orúkọ náà láìní àmì ohùn. Tí a bá ń fi gbogbo èyí tó dùn ṣe fún àgbà, tí àbúrò ń tún àwọ̀ bọ́tìnnì ṣe títí ayé, ìyẹn kì í ṣe pínpín.

Èmi gba títún àwọn owó tó ti di méjì ṣe, pípe akọ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan, torí iṣẹ́ tí kò wu ẹnikẹ́ni nìyẹn, ẹni tó ń pín kò sì yẹ kó tì í sí ẹlòmíì. Android 6 yẹn, mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Bí orúkọ bá wà lára bọ́ọ̀gì tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo wa á rò pé ó ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo kọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà lórí kọ̀ǹpútà sínú ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé tó mú un wá, mo ní ẹni tí ṣíṣà bá kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún un wò.