Bí Mo Ṣe Rí Orúkọ Orin Tí Bùọ̀dá Mi Mọ Béèsì Rẹ̀ Nìkan

"Dùm, dùm, dùm." Gbogbo ohun tí Bùọ̀dá ní lọ́wọ́ nìyẹn. Wọ́n ń múra ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ti sọ fún díjéè pé orin kan wà tí ó gbọ́dọ̀ lù. Díjéè ní kí ni orúkọ orin ọ̀hún, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó ní ta ló kọ ọ́, wọn ò mọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ díẹ̀ kí òun gbọ́, wọ́n bá ní "dùm, dùm, dùm". Ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín, wọ́n sì tì í sọ́dọ̀ mi, torí èmi ni mò ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Àdó.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni ibi tí wọ́n ti gbọ́ orin náà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilé tí àwọn ń gbé ní Mọ́kọ́lá fara ti hòtẹ́ẹ̀lì kan. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń lu orin níbẹ̀. Bàbá wọn ò sì gbà kí ọmọ kankan yọjú sí géètì, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kó wọlé. Orí ẹní ni wọ́n wà tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, láti ẹ̀yìn ògiri.

Ìdáhùn yẹn wúlò ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ògiri máa ń dá ohùn òkè dúró ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ. Ohùn akọrin, gìtá àti fèrè á kú sí ọ̀hún, ṣùgbọ́n béèsì àti ìlù ńlá á la bíríkì kọjá. Kì í ṣe pé Bùọ̀dá gbàgbé ọ̀rọ̀ inú orin náà. Wọn ò gbọ́ ọ rí ni. Nítorí náà, mi ò fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n rántí ọ̀rọ̀ kankan. Béèsì nìkan ni etí wọn rí gbọ́ nígbà yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbọ́ ọ dáadáa.

Mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo gbà á lálẹ́, mo tún gbà á láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan rédíò, mo sì tún gbà á ní ṣọ́ọ̀bù wọn nígbà tí wọ́n ń fá pákó lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ibi tí iyè bá ti gbàgbé, ẹnu á wá nǹkan fi dí i. Ibi tó bá rí bákan náà nínú gbogbo ohùn tí mo gbà ni mo mú ní òótọ́. Èyí tó bá ń yí padà, mo pa á tì. Mo tún ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, torí bí a kò bá mọ ibi tí béèsì bọ́ sí lórí ìlù, ìdajì rẹ̀ ti sọnù nìyẹn. Mi ò sì jẹ́ kí gìtá tèmi dún rárá ní gbogbo àkókò yẹn. Bí mo bá fi lè ta ohun tó jọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ohun tí mo ta ni wọ́n á máa kọ padà fún mi.

Nígbà tí mo wá fetí sí gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tó dúró ni èyí: ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlù ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà àlàfo díẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn mẹ́ta yẹn tún padà, ó yá díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó wá gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní dò-rè-mí, bí àwọn adarí kọ́áyà ṣe ń kọ ọ́:

```
l l l  –  l l l d l r
```

Là ni mo fi ṣe ilé orin náà, ìyẹn ohùn tí orin ń padà sí, mi ò fi dò ṣe é. Ibi tó kọ́kọ́ gòkè sí kò jìnnà tó dò sí mí. Ìwọ̀n là sí dò ni. Ohùn Bùọ̀dá ga ju béèsì gidi lọ, ó dájú, torí okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì a máa gbọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀fun ènìyàn kì í sábà dé ibẹ̀. Ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́. Àyè tó wà láàárín ohùn kan sí èkejì ni mò ń wá, àyè yẹn kì í yí padà bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ sókè.

Lẹ́yìn náà mo ka ẹsẹ̀ wọn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹsẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí méjìdínlọ́gbọ̀n, ìyẹn ni pé ó sún mọ́ 110 ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ ló rí lálẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń lọ déédéé báyìí, tí Bùọ̀dá tún ní ìlù ńlá ń bá a lu ọ̀kọ̀ọ̀kan, dísíkò nìyẹn. Mo ṣírò ọjọ́ orí wọn, ó bọ́ sí 1980 tàbí 1981.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ sọ pé ṣebí fóònù lè wá orin, mo dán an wò. Shazam kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí, torí àmì inú rékọ́ọ̀dù gan-an ló ń fi wé èyí tó ní nípamọ́. Ẹnu Bùọ̀dá kò sí nínú rékọ́ọ̀dù kankan. Ti Google, tí wọ́n mú jáde ní 2020, máa ń gba orin tí èèyàn hùn sí i, ṣùgbọ́n ohùn tí akọrin ń kọ ló ń retí, torí òun ni aráyé máa ń hùn. Béèsì tí mo hùn sí i, orin ọmọdé ló kó wá fún mi. Mi ò dúró pẹ́ níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta béèsì, tí o bá sọ fún un pé dísíkò àsìkò yẹn ni, ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ilé rẹ̀ là, *Good Times* ló máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹgbẹ́ Chic ló gbé e jáde ní 1979, Bernard Edwards ló ta béèsì rẹ̀. Ìyára rẹ̀ náà sún mọ́ 110. Èmi náà fẹ́ gbà pé òun ni, àmọ́ mo fẹ́ kí Bùọ̀dá gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe gbọ́ tiwọn lọ́jọ́ kìíní, ìyẹn láti ẹ̀yìn ògiri. Bí ohùn akọrin bá wà níbẹ̀, òun ni etí wọn máa gbájú mọ́, wọ́n á sì ní àwọn ò mọ orin yìí rí.

Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti kọ́ ògiri náà. Mo ṣí orin náà nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, mo mú gbogbo rẹ̀, mo wọ inú àwọn Effect, mo sì yan èyí tó ń gé ohùn òkè dànù:

```
Low-Pass Filter
Frequency (Hz): 200
Roll-off (dB per octave): 24 dB
```

Ohun tó bá ń gbọ̀n ju igba ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á máa kú díẹ̀díẹ̀, béèsì àti ìlù ńlá á sì ṣẹ́kù. Ẹ má fi sípíkà fóònù gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ o. Ó kéré jù láti gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ẹ ó rò pé orin ti parẹ́ pátápátá ni. Sípíkà ńlá ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Orin mẹ́ta ni mo gé bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ orúkọ ìkankan. Mo fi *Billie Jean* ti Michael Jackson sí i láti wò ó bóyá ohunkóhun tó bá ti rinlẹ̀ ni wọ́n máa sọ pé òun ni. Kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n fi ju ọwọ́: "Èyí kì í sinmi." Òótọ́ ni, béèsì yẹn kò ní àlàfo, ńṣe ló ń rìn lọ láìdúró.

Mo lu *Good Times*. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n wá mi orí. "Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ nìyí, àmọ́ kì í ṣe ilé yẹn." Mo padà sí ohun tí mo kọ sílẹ̀, mo sì rí ohun tí wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn ohùn mẹ́ta àkọ́kọ́, ìka Edwards bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kò dákẹ́ bíi ti Bùọ̀dá. Nígbà tó tún yá, béèsì náà kúrò ní là, ó lọ fi rè ṣe ilé fúngbà díẹ̀ kó tó padà. Nínú ohun tí Bùọ̀dá kọ, rè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kàn fọwọ́ kàn án ni, kò jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni *Another One Bites the Dust* tí ẹgbẹ́ Queen gbé jáde ní 1980. John Deacon, ẹni tó ń ta béèsì fún wọn, ló kọ ọ́. Kò yani lẹ́nu pé òun àti *Good Times* jọra: Edwards fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé Deacon wá jókòó ti àwọn ní sítúdíò. Ilé kan náà, ohùn tí wọ́n ń pè ní E lórí gìtá, ìyára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àlàfo yẹn àti ohùn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, d l r, ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí Bùọ̀dá bá ti fi "dùm" mẹ́ta nìkan dúró, bí a ò ṣe ní mọ èyí tó jẹ́ nìyẹn.

Kò tíì dé ìlà kejì tí Bùọ̀dá fi gbé pákó sílẹ̀ tí wọ́n dìde. Mo yọ ògiri kúrò, mo lu orin náà bó ṣe wà gan-an, wọ́n sì ń wò mí bíi pé mo fi nǹkan kún un. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń pariwo yìí ńkọ́? Òun náà ti wà níbẹ̀ látijọ́?"

Fún díjéè, mi ò kọ orúkọ orin nìkan ránṣẹ́. Mo fi Queen kún un, mo fi orúkọ àwo, *The Game*, kún un, mo fi 1980 àti ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ tí orin náà gbà kún un, torí àtúnṣe kan wà tí wọ́n ṣe ní 1998 tó ní ráàpù nínú. Èyí kọ́ ni Bùọ̀dá gbọ́ ní Mọ́kọ́lá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kó mi sí wàhálà. Aládùúgbò kan gbé béèsì régè wá, ó kọ ọ́ dáadáa, mo dá a mọ̀, síbẹ̀ mi ò lè sọ orúkọ orin rẹ̀ fún un. Ní Jàmáíkà, béèsì àti ìlù kan lè wà, kí ọ̀pọ̀ akọrin máa wá kọ tiwọn lé e lórí, orúkọ orin kọ̀ọ̀kan á sì yàtọ̀. Béèsì nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bó ti wù kó péye tó. Mo ní kó lọ rántí bóyá ọkùnrin ló kọ ọ́ tàbí obìnrin, kó sì mú ọ̀rọ̀ kan péré bọ̀, ì báà jẹ́ èyí tí kò yé e.