Ẹ má gé ìwé ìlera kúrú títí yóò fi di aláìwúlò: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé pélébé kan ṣoṣo, irú èyí tí a máa ń fún àwọn ìyá ní ibùdó ìlera lágbègbè Ẹ̀pẹ́ bí ọmọ wọn bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹni tí yóò kà á lè jẹ́ ìyá tí ó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, tí ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta tàbí ìkẹrin. Ó mọ lẹ́tà, ó lè ka gbólóhùn kúkúrú, ó sì ń ṣírò owó ẹja lórí láìmú bírò. Kò wá mọ ìtàn àrùn. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí yóò ṣe fún ọmọ tí ó gbé sẹ́yìn.

Ìwé tí a sábà máa ń fún un rí báyìí: “Ìgbẹ́ gbuuru a máa fa àìtó omi nínú ara, èyí tí ó lè yọrí sí ikú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìtọ́jú rẹ̀ ni omi ìdápadà omi ara pẹ̀lú èròjà síǹkì fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ṣe là á sílẹ̀.” Gbogbo ènìyàn ló gbà pé ó le jù. Ibi tí a ti máa ń ṣìnà ni ọ̀nà tí a fi ń tún un ṣe.

Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí a kàn gé e kúrú. A ó yọ ọ̀rọ̀ gígùn, ohun tí yóò sì kù ni: “Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, fún un ní ORS àti síǹkì.” ORS yìí ni ìyẹ̀fun inú àpò tí a ń pò mọ́ omi láti dá omi padà sí ara ọmọ. Gbólóhùn náà rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Omi mélòó ni kí ó fi pò ó? Ìgbà mélòó ni kí ó fún un? Iye tí a yọ dànù yẹn gan-an ni ìtọ́jú. Bí ó bá da gbogbo ìyẹ̀fun inú àpò tí wọ́n ṣe fún lítà kan sínú ife omi kan, iyọ̀ rẹ̀ yóò pọ̀ ju ohun tí ara ọmọ lè gbà lọ, ó sì lè mú kí ìgbẹ́ náà pọ̀ sí i. Bí omi bá sì pọ̀ jù, kò ní lè dá iyọ̀ tí ọmọ ti yà dànù padà sí ara rẹ̀.

Ilé tí wọ́n ti ń fi lítà wọn omi kò wọ́pọ̀. Ohun tí ó wà nílé ni omi píọ́ wọ́tà, tí wọ́n kọ 50cl sí lára, méjì rẹ̀ sì ni lítà kan. Mo ti rí ìyá kan tí ó gbé ike omi 75cl jáde, tí ó ní lítà kan nìyẹn, nítorí pé òun ni ike tí ó tóbi jù nílé rẹ̀. Ìwé tí ó bá kọ “lítà kan” tí kò fi ohun tí ojú mọ̀ hàn yóò bí irú èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ “píọ́ wọ́tà méjì”, ẹ lọ wo àpò ORS tí ibùdó ìlera yín ń fún ènìyàn. Àpò tí wọ́n ṣe fún lítà kan wà, ti ìdajì lítà wà, ti mílílítà 200 náà wà. Ìwé kan náà kò lè bá gbogbo wọn mu.

Èyí ni ibi tí a ń lọ, fún àpò lítà kan:

“Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ da omi píọ́ wọ́tà 2 sínú ike tó mọ́. Ẹ da gbogbo ìyẹ̀fun inú àpò ORS 1 sí i. Ẹ rò ó títí ìyẹ̀fun náà yóò fi yòrò tán. Nígbàkúùgbà tí ọmọ bá ti yàgbẹ́, ẹ fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù nù, kí ẹ pò òmíràn. Ẹ má dá ọmú dúró, ẹ má sì dá oúnjẹ dúró.”

Ó gùn ju èyí tí a gé lọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan, wọ́n sì tẹ̀ léra bí ọwọ́ yóò ṣe ṣe wọ́n. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ fi kún un pé ohun tí yóò mu lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá mẹ́rin ife ńlá dé ìdajì rẹ̀, kí ẹ sì ya ife náà síbẹ̀ pẹ̀lú ìlà tí omi yóò dé. Ẹ tún wo “ẹ” tí mo lò. Àgbàlagbà ni ẹni tí ó ń kà á. Bí a bá ń fi “o” pàṣẹ fún un, ó lè ka ìwé náà sí ìwé ọmọdé, kí ó fi dí nǹkan. Bákan náà, ẹ fi ORS sílẹ̀ bí ó ṣe wà lára àpò. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn ni yóò fi dá a mọ̀ ní kẹ́místì.

Ní ti síǹkì, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a kọ “ọjọ́ 10 sí 14” kí a sì fi í sílẹ̀ fún òǹkàwé láti yan. Ẹ yan an fún un. Páálí tí ó ní ORS àti síǹkì pọ̀ sábà máa ń ní oògùn síǹkì mẹ́wàá, nítorí náà: “Ẹ fún un ní síǹkì 1 lójúmọ́ títí yóò fi tán, bí ìgbẹ́ tilẹ̀ ti dúró.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, torí bí ìgbẹ́ bá ti dúró ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kó oògùn pamọ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìdajì oògùn mílígíráàmù 20 ni tirẹ̀ lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ fi ìyẹn sí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú àwòrán oògùn tí a dá sí méjì.

Àmì ewu kò gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ìwé: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ọmọ tí kò lè mu nǹkan, tí ń bì gbogbo ohun tí ó mu, tí ojú rẹ̀ jìn, tàbí tí ó kàn ń sùn tí kò ṣeé jí. Ẹ kọ ọ́ sí òkè, kí ẹ sì kọ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan á gbé ìwé náà sínú ìṣirò Flesch láti mọ̀ bóyá ó rọrùn. Ìṣirò yẹn, tí wọ́n gbé jáde ní 1948, fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gùn tó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀, kò sì mọ ohun tó le nínú Yorùbá. Ẹ kò nílò rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò ni kí òǹkàwé dán an wò lójú yín, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe mìíràn wà: kí a bi í pé, “Mà, ṣé ó yé yín?” Yóò ní ó yé òun. Kò ní fẹ́ kí nọ́ọ̀sì rò pé òun kò gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fẹ́ já ẹni tó kọ ìwé náà kulẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ gbé àpò ORS, omi píọ́ wọ́tà bíi mẹ́ta àti ike òfìfo síwájú rẹ̀, kí ẹ sọ pé: “Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń dán wò o, ìwé yìí ni. Ẹ bá mi ṣe ohun tí ó ní kí ẹ ṣe.” Kí ẹ sì dákẹ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró ni kí ẹ sàmì sí. Ẹnìkan lè da ìdajì ìyẹ̀fun sí i kí ó ṣẹ́ ìyókù pamọ́ fún alẹ́, nítorí pé kò fẹ́ fi nǹkan ṣòfò. Ìwé náà kò tíì sọ fún un pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fi gbólóhùn kan kún un: “Ẹ má pín ìyẹ̀fun náà sí méjì.” Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́, kí ẹ tó gbé e lọ tẹ̀.