Bí mo ṣe gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi padà lọ́wọ́ `admin`

Ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, àwọn mẹ́rin tí ń bá mi tajà ni ó ń fi orúkọ kan ṣoṣo, `admin`, àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà wọ inú ètò ìtajà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí ìrọ̀rùn, n kò ní purọ́. Nígbà tí ó yá, owó bá ìṣirò mu, ṣùgbọ́n wàrà alágolo 14 kò sí lórí pẹpẹ. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ìṣe, mo sì rí títà 6 tí ẹnìkan ti pa rẹ́ lẹ́yìn tí oníbàárà ti sanwó. `admin` ni orúkọ tí ó wà níwájú gbogbo wọn, nítorí náà n kò lè mú ẹnikẹ́ni, n kò sì lè dá ẹnikẹ́ni láre.

Mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, síbẹ̀ títà mìíràn tún pa rẹ́ ní ọjọ́ kejì, nítorí pé fóònù tí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀ kò tíì jáde. Ìgbà tí mo lé gbogbo ẹ̀rọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni ó tó dúró. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí orúkọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, pẹ̀lú àṣẹ láti tajà nìkan. Ẹni tí ó bá ṣi nǹkan tẹ̀ ní láti pè mí kí n wá pa á rẹ́ fúnra mi, èyí sì máa ń dá àwọn oníbàárà dúró nígbà tí èrò bá pọ̀. Ní ti wàrà náà, n kò mọ ẹni tí ó mú un títí di òní.