Ìrírí mi: owó tí mo san lẹ́ẹ̀mejì lórí eyín kan ṣoṣo

Mo san ₦9,000 kí wọ́n lè fi sílántì dí ojú eyín kan fún ọmọ mi kékeré kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ohun tí wọ́n fi dí i sì ti bó kúrò kí ọ̀sẹ̀ méje tó pé. Inú ṣì ń bí mi. Kì í ṣe pé nǹkan náà fúnra rẹ̀ kò dára, eyín náà ni kò tíì tó dí, mo sì gbàgbọ́ pé ẹni tó gba owó lọ́wọ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi àgbà ló gbé mi dé ibẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ń sunkún lóru pé eyín ń dun òun. Mo yẹ ẹnu rẹ̀ wò, àmì dúdú kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni mo rí, mo sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé eyín ọmọdé ni, yóò yọ láìpẹ́. Èmi ni mo ṣìnà. Eyín ńlá àkọ́kọ́ tí kì í pààrọ̀ máa ń hù lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì sí eyín tó ń yọ kí ó tó jáde, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí kì í mọ̀ pé ó ti dé. Orí rẹ̀ ní ilà tó jìn, tó sì há débi pé irun búrọ́ọ̀ṣì kò lè wọ ìdí rẹ̀. Oúnjẹ ń há síbẹ̀, kòkòrò tí ojú kò lè rí ń sọ ohun dídùn inú rẹ̀ di omi kíkan, omi kíkan yìí sì ń jẹ eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, tí ara rẹ̀ kò tíì le tán. Nígbà tí dókítà ṣí àmì dúdú yẹn, ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba hóró ọkà bàbà. ₦70,000 ni mo ná sí i, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta láti Kábbà sí Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kún ọ̀nà Ọ̀bájànà.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò rẹ̀ pé ọdún mẹ́fà ààbọ̀, tí mo sì rí i tí eyín ńlá ti ń yọrí nísàlẹ̀ lápá òsì, mo ní n kò ní dúró de ẹkún. Mo mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí kò jìnnà sí wa, mo sì ní kí wọ́n fi sílántì dí i. Sílántì yìí jẹ́ ohun ṣíṣàn tí wọ́n ń dà sínú àwọn ilà orí eyín, tí wọ́n á fi iná aláwọ̀ búlúù tàn fún bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó lè gan. Kò sí abẹ́rẹ́, wọn kò sì gbẹ́ eyín. Kò pẹ́ tí a fi jáde, mo sì ń fi orí wú káàkiri àdúgbò.

Ní ọ̀sẹ̀ keje ni mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹnu ọmọ náà. Iwájú eyín ṣì ní sílántì lórí, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀yìn ti ṣófo, ẹ̀kọ àárọ̀ ọjọ́ náà sì wà nínú ilà rẹ̀. Mo padà lọ bá wọn. Wọ́n ní bóyá ọmọ náà ń jẹ egungun. Ọmọ tí kò lè fọ́ egungun ẹja! Wọ́n tún ní kí n san owó tuntun, mo sì fà á lọ́wọ́ jáde.

Dókítà tó tọ́jú ọmọ mi àgbà ní Lọ́kọ́ja ni mo gbé e lọ bá. Ó rí mi, ó ní, “Okun o, mà,” ó tẹ́tí sí gbogbo àròyé mi, ó sì fún mi ní dígí kékeré kí n fi wo ẹ̀yìn eyín náà. Àwọ̀ èrìgì kan ṣì bo igun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tí aṣọ bá bo orí àga, itọ́ sì ń sun jáde lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó ní, “Mà, ẹ máà dá ọmọ yìí lẹ́bi. Omi ló ṣí i.”

Àlàyé tó ṣe fún mi nìyí, òun sì ni ó yẹ kí àwọn ti àkọ́kọ́ ti ṣe. Kí wọ́n tó da sílántì, wọ́n á kọ́kọ́ fi ásíìdì kan tó kì pa orí eyín fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á sì fi atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Bí ó bá ti ṣe dáadáa, ibẹ̀ á funfun bí ẹfun, kò ní dán mọ́. Ásíìdì ti dá àwọn ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ṣe ń ṣá ògiri dídán kí sìmẹ́ǹtì tó máa rẹ́ ẹ lè rí ibi dì mú. Sílántì á ṣàn wọ inú àwọn ihò yẹn, á sì gan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí itọ́ bá kan ibẹ̀ kí wọ́n tó dà á, ihò wọ̀nyẹn á dí, kódà bí wọ́n bá nù ún, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ásíìdì pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wá rántí pé ní ilé ìtọ́jú àkọ́kọ́, òwú ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ọmọ náà ti rin gbingbin, ọmọ náà ti pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kan láti gbé itọ́ mì, ẹni náà kàn ní kí ó tún la ẹnu, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ojú mi ló ṣe, n kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ₦9,000 mi ti lọ.

Mo bi dókítà pé ṣé kò lè gé àwọ̀ èrìgì náà kúrò. Ó ní kò sí ìdí tí a ó fi fi ọ̀bẹ kan ohun tí yóò fúnra rẹ̀ sún sẹ́yìn, àti pé bí a bá kàn fi eyín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi yọrí tán, kòkòrò lè ṣáájú wa débẹ̀. Ó fi irú sìmẹ́ǹtì eyín kan tó lè fara da omi dí i ná. Èyí kì í pẹ́ tó sílántì, ṣùgbọ́n ó máa ń tú fúlóráìdì, tó ń mú eyín le, jáde díẹ̀díẹ̀. Ìka rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Oṣù méje la fi dúró. Mo ń wò ó lálaalẹ́ ọjọ́ Àìkú, títí tí èrìgì fi kúrò lórí eyín pátápátá. Nígbà tí a padà lọ, èmi ni mo di ọ̀pá tó ń fa itọ́ mú, mo sì ń ka ìṣẹ́jú-àáyá sókè. Òwú rin lẹ́ẹ̀kan, dókítà pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó ṣí ìgò ásíìdì rárá. Mo rí i tí eyín funfun bí ẹfun. Sílántì funfun ni mo bèèrè fún, nítorí èyí tó mọ́ gaara bí omi ni wọ́n lò níjọ́sí, ó sì ṣòro fún ojú òbí láti mọ ìgbà tó bá bó. Lẹ́yìn tí iná búlúù kú, ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fà á ní etí yíká, ó ń wá ibi tí irin náà máa há sí, kò sì há síbì kankan. Ó ní kí ọmọ náà gé bébà aláwọ̀ jẹ kí a mọ̀ bóyá ó ga jù, ó sì gbo ibì kan díẹ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti bèèrè ohun kan ṣáájú owó: ṣé gbogbo orí eyín náà ti jáde kúrò nínú èrìgì, ṣé wọ́n sì lè mú un gbẹ? Mi ò sì bá má ti rò pé mo ti rà á tán, nítorí orí eyín nìkan ni sílántì ń dáàbò bò. Kò dé àárín eyín méjì, nítorí náà a ṣì ń fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, oṣù mẹ́fà mẹ́fà sì ni dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí a lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Eyín òkè apá ọ̀tún ti ń yọrí, àwọ̀ èrìgì sì ṣì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó má tíì mú owó jáde.